Gíráàmù kan yẹ kó fún wa ní 274 mAh, kí ló dé tí 156 la rí?

Ọmọ Ìbarà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Wọ́n fún mi ní ìṣẹ́jú 15 láti sọ̀rọ̀ níbi àpérò kan níbí l'Abẹ́òkúta, lórí bí áyọ́nù lítíọ́mù ṣe ń rìn jáde nínú kátódù onípele LiCoO₂, ìyẹn ẹ̀gbẹ́ pọ́sítíìfù bátìrì lítíọ́mù, nígbà tí a bá ń ṣáàjì. Ìṣirò ní gíráàmù kan yẹ kó fún wa ní iná tó tó 274 mAh. Èyí tí a ṣe, tí a ń ṣáàjì dé 4.3 fóltì, kò ju 156 lọ. Ọ̀gá mi ní kí n sọ fáwọn èèyàn pé lítíọ́mù kì í rìn dáadáa nínú nǹkan líle, ìdí nìyẹn. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Mo ti kọ ìpínrọ̀ kìíní pé àwọn ìpele náà dà bí adìrẹ tí wọ́n tò léra wọn n'Ítòkú, tí lítíọ́mù ń yọ́ jáde láàárín wọn. Ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò.

---

Tíṣà Físíìsì, Kútọ̀

Ọ̀gá rẹ ò purọ́. Nínú hóró kọ̀ọ̀kan tó wà nínú ìyẹ̀fun kátódù, ṣe ni lítíọ́mù ń fò láti àyè kan bọ́ sí òmíràn, kò sì yára. Ìṣirò kan wà tí kò le. Wọn hóró náà láti àárín dé etí, fi iye náà lọ́po ara rẹ̀, kí o wá pín in sí iye tí wọ́n fi ń díwọ̀n ìrìn lítíọ́mù. Ká ní àárín dé etí jẹ́ máíkírómítà 5, kí ìrìn náà jẹ́ 10⁻¹⁰ cm²/s. Ohun tí wàá rí ni ìṣẹ́jú-àáyá 2,500, ìyẹn nǹkan bí ìṣẹ́jú 42.

Bí ṣájà bá sáré ju ìyẹn lọ, etí hóró á ti ṣófo kí àárín rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú sílẹ̀. Fóltéèjì á kan òkè, ẹ̀rọ á dúró, lítíọ́mù tó pọ̀ á ṣì wà nínú. Ibẹ̀ ni 118 tó wà láàárín 274 àti 156 rẹ lọ. Bó o bá lọ hóró náà kúnná dé ìdajì, àkókò á já sí ìdá mẹ́rin. Sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn, kó o sì jókòó.

---

Oní-sólà Láfẹ́nwá

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ yín. Mo gbé bátìrì lítíọ́mù kan fún oníbàárà l'Ọbáńtókò. Tó bá di aago mọ́kànlá òwúrọ̀ á ti kọ 100%. Ilẹ̀ ò ní tíì ṣú dáadáa tí wọ́n á fi máa pè mí pé ó ti kú. Ṣé lítíọ́mù tó ń ṣẹ́kù sínú yìí ló ń ṣe tiwa náà? Oníbàárà ti fẹ́ gba owó rẹ̀ padà lọ́wọ́ mi.

---

Àbẹ̀kẹ́ Ìdí-Abà

Ọmọ Ìbarà, mo ti pẹ́ nídìí kátódù, mo sì fẹ́ kó o sọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa níwájú àwọn èèyàn. Àlàyé pé "kò lè rìn" ni gbogbo ayé máa ń gbé jáde, òun ló sì ń fi ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an pamọ́.

Jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí 274 yẹn. Mólù kan ẹlẹ́kítírọ́nù jẹ́ 26,801 mAh. Mólù kan LiCoO₂ wọn gíráàmù 97.87. Pín èkíní sí èkejì, 274 ló máa jáde. Ohun tí iye yẹn ń sọ ni pé bí gbogbo lítíọ́mù inú rẹ̀ bá jáde láìku ẹyọ kan, 274 la máa rí. Kò ṣèlérí pé ilé tí lítíọ́mù ń gbé á ṣì dúró lẹ́yìn tí gbogbo wọn bá ti kó jáde.

Ẹ̀rí tó fi hàn pé lítíọ́mù lè rìn jáde wà nílẹ̀. Ní 1996, Amatucci, Tarascon àti Klein yọ gbogbo lítíọ́mù kúrò nínú LiCoO₂, ó ku CoO₂ nìkan, wọ́n sì tún dá lítíọ́mù padà sínú rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ìrìn ló há, ibo ni wọ́n gbà rí i ṣe? Àwa la dá ṣájà dúró ní 4.3 fóltì. Ó yẹ kí àwọn tó ń gbọ́ ẹ mọ ìdí tá a fi dúró níbẹ̀.

Wàyí o, bí ó ṣe ń rìn. Nígbà tí ṣájà bá bẹ̀rẹ̀, kóbáltì ló kọ́kọ́ fi ẹlẹ́kítírọ́nù kan sílẹ̀. Ẹlẹ́kítírọ́nù yẹn gba inú ìyẹ̀fun kábọ́ọ̀nù dé orí bébà alumíníọ́mù, ó gba wáyà kọjá lọ sí ẹ̀gbẹ́ nẹ́gátíìfù, èyí tó jẹ́ grafáìtì nínú bátìrì fóònù. Nígbà tí ẹlẹ́kítírọ́nù bá ti lọ, áyọ́nù lítíọ́mù kan gbọ́dọ̀ bá a jáde, kí pọ́sítíìfù má bàa pọ̀ ju nẹ́gátíìfù lọ nínú hóró náà. Òun gba inú omi kẹ́míkà lọ bá a ní òdìkejì.

Nínú ìpele, ọ́síjìn mẹ́fà ló yí lítíọ́mù kọ̀ọ̀kan ká. Tó bá fẹ́ bọ́ sí àyè tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kì í fi tipátipá gba àárín ọ́síjìn méjì kọjá. Ó máa ń yà gba kọ̀rọ̀ kékeré kan tí ọ́síjìn mẹ́rin péré yí ká, ibẹ̀ ló ti ń bọ́ sí òdìkejì. Kọ̀rọ̀ yẹn kò rọrùn fún un, torí kóbáltì kan wà lórí rẹ̀ gan-an, pọ́sítíìfù sì ni àwọn méjèèjì. Van der Ven àti Ceder fi ìṣirò hàn pé ọ̀nà yìí máa ń rọrùn gan-an nígbà tí àyè méjì bá ṣófo ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ìdí nìyẹn tí hóró tó kún bámú fi ń lọ́ra: kò sí àyè tó ṣófo. Bí àwọn kan bá ti jáde, àwọn tó kù á wá rí ọ̀nà.

Nípa adìrẹ rẹ: mú un lọ, ṣùgbọ́n sọ ibi tí kò ti bá a mu, torí ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wà. Bó o bá fa aṣọ kan yọ láàárín òkìtì adìrẹ, òkìtì náà á lọ sílẹ̀. Kátódù ò ṣe bẹ́ẹ̀. Lítíọ́mù ń jáde, òkìtì ń ga sí i! Láti ìpele kan dé èkejì jẹ́ 4.68 áńgísírọ́ọ̀mù nígbà tó kún. Nígbà tí ìdajì bá ti jáde, ó ti tó 4.8. Ọ́síjìn tó wà nísàlẹ̀ ìpele òkè àti ọ́síjìn tó wà lórí ìpele ìsàlẹ̀, nẹ́gátíìfù làwọn méjèèjì. Lítíọ́mù tó wà láàárín ni kò jẹ́ kí wọ́n lé ara wọn. Bó bá ti ń dínkù, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ti ara wọn sẹ́yìn.

Lẹ́yìn ìdajì ni nǹkan wá yí padà. Ẹlẹ́kítírọ́nù tí à ń fà jáde kò ti ara kóbáltì nìkan wá mọ́, ọ́síjìn náà ti ń dá nínú rẹ̀. Ọ́síjìn tó pàdánù ẹlẹ́kítírọ́nù kì í lé ẹnìkejì rẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Bí à ń lọ sókè ju 4.5 fóltì lọ, àwọn ìpele á yẹ̀ gẹ̀rẹ̀ lórí ara wọn, òkìtì tó ti ga á wá wó wálẹ̀. Nígbà tó bá di CoO₂, ó ku nǹkan bí 4.3 áńgísírọ́ọ̀mù. Láti 4.8 sí 4.3, nínú nǹkan tó gan tí kò lè rọ̀, ìyẹn pọ̀ jù. Apá kan hóró á ti wó, apá kejì ò tíì wó, hóró náà á sán. Omi kẹ́míkà á wọ inú ibi tó sán. Ọ́síjìn tí kò nífẹ̀ẹ́ ibi tó wà mọ́ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sá lọ láti ojú hóró.

Ohun tó dá wa dúró nìyẹn.

---

Àbẹ̀kẹ́ Ìdí-Abà

Oní-sólà, ọ̀rọ̀ tiyín yàtọ̀ pátápátá. Ẹ wo ara bátìrì náà. Bí ẹyọ kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ 3.2V, tí wọ́n ń ṣáàjì rẹ̀ dé 3.65V, LiFePO₄ ni. Kì í ṣe onípele. Ojú ihò tóóró ni lítíọ́mù ń gbà nínú rẹ̀, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì sì di ọ́síjìn rẹ̀ mú gírígírí, torí náà gbogbo lítíọ́mù rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ lè jáde láìséwu. 170 mAh ni ìṣirò rẹ̀ fún gíráàmù kan, wọ́n sì ń rí 150 sí 160 gbà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n fóltéèjì rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ̀rọ tó bá ń fi fóltéèjì nìkan ka 100% á máa tan yín jẹ. Ẹ wọn iná tó wọlé àti iná tó jáde kẹ́ ẹ tó dá owó padà fún ẹnikẹ́ni. Ẹ sì wọn ẹyọ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, torí bí ọ̀kan bá kún ṣáájú àwọn yòókù, ó lè dá gbogbo ṣájì dúró.

---

Onífóònù Pánṣẹ́kẹ́

Ohun tí Àǹtí ń sọ yìí, mo ń rí i lórí tábìlì mi lójoojúmọ́. Bátìrì BL-5C àtijọ́, 4.2V ni à ń ṣáàjì rẹ̀ dé. Àwọn fóònù tuntun, ẹ yí bátìrì wọn padà kẹ́ ẹ wo ẹ̀yìn, 4.4V ni wọ́n ń kọ, òmíràn 4.45V. Iná tó ń gbà sì pọ̀ ju ti àtijọ́ lọ lóòótọ́. Wọ́n ti fi lítíọ́mù kún un ni.

Mo tún ti rí èyí tí wọ́n fi sínú fóònù tí kì í ṣe tirẹ̀. Bátìrì 4.2V, fóònù 4.4V. Ó wú títí ó fi ti ojú fóònù síta.

---

Àbẹ̀kẹ́ Ìdí-Abà

Ọ̀gá mi, ohun tẹ́ ẹ rí yẹn ṣeyebíye, ṣùgbọ́n lítíọ́mù tó wà nínú LiCoO₂ kò lè fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ ju ọ̀kan lọ fún kóbáltì kan. Iye rẹ̀ ti pé láti ilé iṣẹ́. Ohun tí 4.45V ṣe ni pé ó ń fà jáde púpọ̀ sí i nínú èyí tó ti wà níbẹ̀ látijọ́. Wọ́n ti fi alumíníọ́mù tàbí magnẹ́síọ́mù díẹ̀ sínú kóbáltì, wọ́n sì ti fi nǹkan tín-ín-rín bo ojú hóró, kí ilé má bàa tètè wó. Bátìrì 4.2V tí ẹ fi sínú fóònù 4.4V kò ní irú ìmúrasílẹ̀ yẹn, omi kẹ́míkà inú rẹ̀ kì í sì í ṣe èyí tí wọ́n pò fún 4.4V. Ó jóná díẹ̀díẹ̀ lójú hóró, gáàsì ló sì mú kó wú. Ẹ má gún irú rẹ̀ o.

Ọmọ Ìbarà, ṣọ́ra níbí: 4.3 fóltì tìẹ, lítíọ́mù gidi lo fi wọ̀n ọ́n. Grafáìtì inú fóònù fi nǹkan bí 0.1 fóltì ga ju lítíọ́mù lọ. Torí náà 4.3 tìẹ ni 4.2 tiwọn. Bí o kò bá sọ ọ́, ẹnìkan á dìde bi ọ́ léèrè.

---

Ọmọ Ìbarà

Ẹ ṣé gan-an ni, mà. Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ ní yàrá ìwádìí tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi wò. À ń ṣáàjì ọ̀kan lọ́wọ́, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kan 4.30 fóltì ni iná lọ. Nígbà tí iná dé, ẹ̀rọ kọ 4.24. Ẹni tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní bátìrì náà ń jò. Ṣé ká jù ú nù?

---

Tíṣà Físíìsì, Kútọ̀

Ẹ ò rí i! Ohun tí mo ń wí gan-an nìyí. Etí hóró ti ṣófo, àárín ṣì kún. Iná lọ, lítíọ́mù láti àárín wá bọ́ sí etí, fóltéèjì sọ̀kalẹ̀. Ìrìn ni wàhálà, Àǹtí.

---

Àbẹ̀kẹ́ Ìdí-Abà

Ẹ gba ìbọ̀wọ̀ mi, Tíṣà. Àlàyé yín lórí 4.24 tọ̀nà, ẹnu mi ò gbà á láti takò ó. Èyí tí mi ò gbà ni pé kí ẹ gbé gbogbo 118 lé e lórí.

Bí a ṣe máa mọ̀ bóyá ó ń jò rèé. Ṣáàjì rẹ̀ dé 4.30 lẹ́ẹ̀kan sí i, pa áńpìa, kó o jẹ́ kí ẹ̀rọ máa kọ fóltéèjì sílẹ̀ fún wákàtí mélòó kan. Bí ó bá jẹ́ pé lítíọ́mù ń tún ara rẹ̀ tò nínú hóró ni, á yára sọ̀kalẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, á rọra, á wá dúró sójú kan. Bí ó bá ń jò, kò ní dúró. Á máa lọ sílẹ̀ ṣáá.

Lẹ́yìn ìyẹn, dán ọ̀rọ̀ Tíṣà wò. Mú bátìrì kan náà. Ṣáàjì rẹ̀ kó gba wákàtí 2 kó tó kún, kọ iye tó gbà. Lẹ́yìn náà jẹ́ kó gba 10, lẹ́yìn náà 20. Nínú wákàtí 20, lítíọ́mù tó ń fi ìṣẹ́jú 42 rìn dé etí ti ní àkókò tó pọ̀ ju ohun tó nílò lọ. Bí ìrìn bá jẹ́ olè tó kó 118, ó yẹ kó dá púpọ̀ nínú rẹ̀ padà.

---

Ọmọ Ìbarà

Mo ti padà dé. Fóltéèjì yára já sí 4.25, ó rọra wá sí 4.24, ó sì dúró níbẹ̀ mọ́jú. Kò jò.

Ti ìyára ṣáájì nìyí: wákàtí 2, 149. Wákàtí 10, 156. Wákàtí 20, 157. A wá fi ọ̀kan lọ sí 4.5 fóltì ní wákàtí 10, ó fún wa ní 188. Àmọ́ nígbà tá a ti ṣáàjì wọn tá a sì lo iná wọn tán tó ìgbà ọgbọ̀n, èyí tó dúró ní 4.3 kò tíì fi bẹ́ẹ̀ yí padà, ti 4.5 ti ń wálẹ̀ gbuurugbu.

---

Àbẹ̀kẹ́ Ìdí-Abà

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Gbé iye wọ̀nyẹn sí sílàìdì kan ṣoṣo, ó tó fún gbogbo àlàyé. Láti wákàtí 2 sí 20, ìrìn dá 8 padà. Fóltéèjì tí ìwọ fi 0.2 kún dá 32 padà, ṣùgbọ́n ó gba ẹ̀mí bátìrì náà.

Ṣe ìṣirò rẹ̀ níwájú wọn. 156 pín sí 274 jẹ́ 0.57. Ìdá 57 nínú ọgọ́rùn-ún lítíọ́mù ti jáde, 43 ló kù. Ní 4.5, 188 pín sí 274 jẹ́ 0.69, ó ku 31. Láàárín 43 àti 31 yẹn ni ìjà wà.

Ohun kan tún wà tí ó yẹ kó o wá nínú dátà tí o ti ní lọ́wọ́. Má wo ìlà fóltéèjì nìkan. Pín ìyípadà iná sí ìyípadà fóltéèjì, ya ìyẹn sí gíráàfù. Wàá rí òkè gíga kan ní nǹkan bí 3.92 fóltì. Lẹ́yìn rẹ̀ wàá rí òkè kékeré méjì, ọ̀kan ní nǹkan bí 4.07, èkejì ní bíi 4.18. Àárín àwọn òkè kékeré méjì yẹn ni ìdajì lítíọ́mù ti jáde tí àwọn tó kù wá tò lẹ́sẹẹsẹ: ìlà kan ní lítíọ́mù, èyí tó tẹ̀lé e ṣófo. Reimers àti Dahn ló fi ẹ́síréè rí i nígbà tí bátìrì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ní 1992. Bí òkè méjèèjì bá hàn ketekete nínú tìẹ, LiCoO₂ rẹ dáa. Bí wọn ò bá hàn, ó ṣeé ṣe kí lítíọ́mù ti pọ̀ jù nígbà tí ẹ ń yan án nínú ààrò, ìyẹn sì máa ń bo àwọn òkè yẹn mọ́lẹ̀.

---

Ará Ìjẹjà

Mo ti ń kà á láti òkè. Mo fara mọ́ ọ pé kì í ṣe ìrìn, Àbẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n o ń fi gbogbo ẹ̀bi lé orí wíwó ìpele. Mi ò gbà. Tó bá jẹ́ pé wíwó yẹn ni olórí, báwo ni ìbora alumíná tó tín-ín-rín lójú hóró ṣe ń mú kí LiCoO₂ pẹ́ ní 4.5? Ìbora kò dé inú, kò lè sọ fún ìpele pé kó má yẹ̀. Ojú hóró ni ìyà ti ń jẹ ẹ́: ọ́síjìn ń sá lọ, kóbáltì ń yọ́ sínú omi kẹ́míkà, èérún líle tí lítíọ́mù kò lè gbà kọjá ń kó jọ síbẹ̀. Àwọn Amatucci tí o pè lẹ́rìí yẹn gan-an, wọ́n lọ dé CoO₂, lítíọ́mù sì padà wọlé. Ilé tó wó ni wọ́n tún wọ̀.

---

Àbẹ̀kẹ́ Ìdí-Abà

Ìbéèrè gidi lo béèrè, àwọn tó mọ̀ ọ́n jù mí lọ ṣì ń jà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n wo apá kejì. Magnẹ́síọ́mù tàbí alumíníọ́mù tí wọ́n pò mọ́ kóbáltì wọ inú hóró látòkè délẹ̀, ó ń sún wíwó náà síwájú, òun náà sì ń mú kí bátìrì pẹ́ ní 4.5. Bó bá jẹ́ ojú hóró nìkan, kí ni èyí tó wà nínú ń ṣe? Lójú tèmi, àwọn méjèèjì ń ran ara wọn lọ́wọ́. Ìpele wó, hóró sán, ojú tuntun ṣí sílẹ̀, ohun tó o sọ wá bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Lílè padà wọlé lẹ́ẹ̀kan kò sì túmọ̀ sí pé á lè ṣe é ní ọgọ́rùn-ún ìgbà.

---

Ará Ìjẹjà

Bí a bá mú hóró tó jẹ́ odindi kírísítà kan ṣoṣo, tí kò fi bẹ́ẹ̀ sán, ó ṣì ń bàjẹ́ ní fóltéèjì gíga. Mo dúró lórí ojú hóró. Ọmọ Ìbarà, sọ èrò méjèèjì fún wọn, má yan ọ̀kan.

---

Ọmọ Ìbarà

Màá sọ méjèèjì. Ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè kan ló kù. Ọ̀gá mi ní kí n fi NMC811, kátódù tí nikẹ́lì pọ̀ nínú rẹ̀, kún un, torí mọ́tò oníná làwọn èèyàn fẹ́ gbọ́. Ṣé àlàyé kan náà ló bá a mu?

---

Àbẹ̀kẹ́ Ìdí-Abà

Ìpele kan náà ni, iye ìṣirò rẹ̀ náà kò jìnnà sí 275, ṣùgbọ́n ó ń fún wọn ní nǹkan bí 200 ní 4.3 fóltì níbi tí tìẹ ti fún ọ ní 156. Ìdí ni pé nikẹ́lì máa ń fi ẹlẹ́kítírọ́nù sílẹ̀ ní fóltéèjì tó kéré ju ti kóbáltì lọ. Púpọ̀ á ti jáde kí o tó kan 4.3. Àmọ́ owó rẹ̀ wà níbẹ̀: ìpele rẹ̀ máa ń wó ní nǹkan bí 4.2 fóltì, nínú ibi tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́. Oríṣi áyọ́nù nikẹ́lì kan tún fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítíọ́mù ní títóbi, nítorí náà òmíràn máa ń ṣi ilé wọ̀, á bọ́ sí àyè lítíọ́mù, á sì dí ọ̀nà.

Níbí ni mo ti fẹ́ kí Tíṣà gba ẹ̀tọ́ wọn. Ní ṣáájì àkọ́kọ́, NMC811 máa ń pàdánù nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ó jáde, kò padà wọlé. Àwọn èèyàn máa ń rò pé lítíọ́mù yẹn ti bàjẹ́. Púpọ̀ nínú rẹ̀ kò bàjẹ́. Nígbà tí hóró bá fẹ́ kún tán, àyè tó ṣófo ò sí mọ́, ìrìn á fa bí ẹsẹ̀ ẹni tó wà nínú ẹrẹ̀, fóltéèjì á sì ti kan ìsàlẹ̀. Bó o bá gbé bátìrì náà sí ibi tó gbóná díẹ̀, tó o sì jẹ́ kó rọra wọlé fún àkókò pípẹ́, apá kan lára rẹ̀ á padà. Ìrìn ló há níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ní ìgbà tó ń kún ni, kì í ṣe ìgbà tó ń ṣófo.

Bí àkókò kò bá tó, yọ NMC811 kúrò. Ìṣẹ́jú 15 ò gba kátódù méjì.

---

Tíṣà Físíìsì, Kútọ̀

Mo rí iye wákàtí 20 yẹn, mo gbà pé 118 kò lè jẹ́ ti ìrìn nìkan. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣáàjì fóònù ní ogójì ìṣẹ́jú kò ní wákàtí 20. Fún òun, ìrìn ṣì ṣe pàtàkì. Ẹ má jẹ́ kó yọ ìṣirò mi kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà.

---

Onífóònù Pánṣẹ́kẹ́

Èmi náà ní tèmi. Ṣé òótọ́ ni wọ́n ń sọ pé kéèyàn má ṣáàjì kọjá 80%? Àwọn oníbàárà ń bi mí lójoojúmọ́.

---

Àbẹ̀kẹ́ Ìdí-Abà

Òótọ́ ni fún fóònù, torí onípele ni kátódù rẹ̀. Ìdá 20 tó gbẹ̀yìn ni fóltéèjì ti ga jù, ibẹ̀ ni ọ́síjìn àti omi kẹ́míkà ti ń bá ara wọn jà. Ẹni tó bá dúró ní 80% fi agbára díẹ̀ ra ọjọ́ púpọ̀. Ẹ sọ fún wọn pé ooru burú ju 100% lọ: fóònù tó kún, tó wà nínú mọ́tò nínú oòrùn, àwọn méjèèjì ló pàdé lára rẹ̀.

---

Ọmọ Ìbarà

Ìpínrọ̀ mi tuntun nìyí, ẹ bá mi wò ó:

"Òkìtì adìrẹ máa ń lọ sílẹ̀ bí a bá fa aṣọ yọ nínú rẹ̀. Kátódù yìí máa ń ga sí i, títí ìdajì lítíọ́mù rẹ̀ fi jáde, torí ọ́síjìn òkè àti ti ìsàlẹ̀ ń lé ara wọn. Bí a bá tẹ̀ síwájú jù, á wó. Ní 4.3 fóltì, ìdajì lítíọ́mù ti jáde, a dúró níbẹ̀. A fi wákàtí 20 ṣáàjì rẹ̀, kò fi nǹkan kan kún un. Lítíọ́mù tó kù lè jáde, àwa la ò jẹ́ kó jáde."

---

Àbẹ̀kẹ́ Ìdí-Abà

Ó ti dára, àbúrò. Tún ibi mẹ́ta ṣe. Má sọ pé ìdajì ní 4.3, sọ pé 57 nínú ọgọ́rùn-ún, torí ìdajì wà ní ìsàlẹ̀ níbi àárín òkè kékeré méjì yẹn, ẹni tó bá mọ gíráàfù náà á mú ọ. Má sọ pé wákàtí 20 kò fi nǹkan kan kún un, 8 ló fi kún ti wákàtí 2, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ kí Tíṣà lè rí tiwọn níbẹ̀. Lẹ́yìn "á wó", fi gbólóhùn kan ti Ará Ìjẹjà sí i lórí ọ́síjìn ojú hóró. Kó o sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ gíráàfù pé lítíọ́mù gidi lo fi wọn fóltéèjì rẹ.